Kí ló dé tí ohùn mi ń rí bí ohùn orí tẹlifóònù tí mo bá fi íápíìsì bùlútùùtù gbà á sílẹ̀?

Olóríkì Ìbarà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Oríkì ni mo máa ń kì, mo ń fi orin díẹ̀ kún un, mo sì ń gbé e sórí ayélujára. Inú yàrá mi ní Ìbarà níbí ni mo ti ń ṣe é, lálẹ́, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò bá ti sinmi. Bíìtì wà lórí fóònù, mo ń gbọ́ ọ nínú íápíìsì bùlútùùtù tí mo fi sétí, èmi náà á wá máa kọ tèmi lé e lórí. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Kété tí mo bá tẹ bọ́tìnì ìgbohùn, bàásì inú bíìtì á pòórá, gbogbo rẹ̀ á fúyẹ́ létí mi. Tí mo bá gbọ́ ohun tí mo gbà sílẹ̀, ohùn tèmi náà á rí bákan náà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé ẹ̀yìn ìlù ni ohùn mi máa ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ dájú pé mo bá ìlù mu nígbà tí mò ń kọ ọ́. Íápíìsì yìí kì í ṣe ti owó kékeré, orin ń dùn nínú rẹ̀ gan-an. Kí ni kí n ṣe?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ọbáńtokò

Àǹtí, ó jọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ẹ wá èyí tó ní LDAC, ọ̀nà ìdì ohùn kan tó wà lára àwọn tó ń gbé ohùn tó kún jù lọ lórí bùlútùùtù. Èyí tí mo ń lò nìyẹn, ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn kedere.

Akọrin Lafẹ́nwá

Èmi náà ní ìṣòro yìí o. Ti apá òsì mi ò dún mọ́ rárá, ti ọ̀tún nìkan ló ń dún. Ṣé kí n da dátà inú rẹ̀ nù kí n tún un so?

Onísáúǹdì Adátán

Akọrin, tiyín yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n bèèrè. Ẹ dá méjèèjì padà sínú àpótí wọn, ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù, kí ẹ tún un so látìbẹ̀rẹ̀. Tí ò bá dún síbẹ̀, ẹ nu ojú irin kékeré tó fi ń gba iná.

Àǹtí Olóríkì, àlébù méjì ló wà nínú ohun tí ẹ kọ yìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni pé ohùn burú, èkejì ni pé ohùn pẹ́ dé. Ibi tí wọ́n ti ń wá yàtọ̀, ohun tó ń wo ọ̀kan kì í wo èkejì. Ẹ jẹ́ n mú ti ohùn burúkú ṣáájú.

Ọ̀nà méjì ni bùlútùùtù tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa ń gbà gbé ohùn. Èyí tí wọ́n ń pè ní A2DP, ti orin ni. Láti inú fóònù sí etí nìkan ló ń lọ, kò ní àbọ̀, ó sì tìtorí bẹ́ẹ̀ ní àyè láti gbé ohùn tó kún, tòsì tọ̀tún. Èkejì ni HFP, ti ìpè tẹlifóònù nìyẹn, òun ló ń lọ tó tún ń bọ̀. Máíkì tó wà lára íápíìsì kò ní ibòmíì tó lè gbà sọ̀rọ̀ ju orí ọ̀nà ìpè yìí lọ. Nígbà tí áàpù ìgbohùn bá ní òun fẹ́ máíkì náà, fóònù á fi ọ̀nà orin sílẹ̀, á bọ́ sí ti ìpè. Ẹ wò ó, ìyẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnì tí bàásì pòórá. Íápíìsì yín kò bàjẹ́, ọ̀nà ló pààrọ̀.

Ọ̀nà ìpè tóóró púpọ̀. Irú ti àtijọ́ ń wọn ohùn ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó sàn díẹ̀ ń wọ̀n ọ́n ní ìgbà 16,000. Ìdajì iye yẹn ni ìró tó ga jù tó lè kọjá. Nítorí náà, gbogbo ìró tó bá ga ju 4,000 lọ ti ṣòfò nínú ti àkọ́kọ́, gbogbo èyí tó bá ju 8,000 ti ṣòfò nínú ti èkejì. Sítúdíò kì í lo ohun tó kéré sí 44,100. Àwọn ìlẹ̀kẹ̀ ara ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, òkè ni púpọ̀ nínú ìró wọn wà, ibi tí wọ́n gé kúrò yẹn gan-an. Ẹ tún fi kún un pé ẹ̀rọ kan wà nínú íápíìsì tó ń pa ariwo àyíká kí ẹni tí a ń pè lè gbọ́ wa dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló mọ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó ń dún láìdákẹ́, ariwo ló kà á sí, á tẹ̀ ẹ́ rì. Nígbà míì ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohùn orin tí èèyàn fà gùn, ẹ á kàn gbọ́ tí ìparí ohùn ń wọlẹ̀ láìnídìí.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, ohun tí ẹ sọ nípa LDAC tọ̀nà fún gbígbọ́ orin. Ṣùgbọ́n orí ọ̀nà orin nìkan ni LDAC wà. Bí máíkì bá ti ṣí báyìí, kò sí LDAC mọ́, ibi tí gbogbo wa wà náà lẹ máa wà.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ọbáńtokò

Mo gbọ́ yín, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n èmi fi tèmi sétí ṣe ètò orí ayélujára lọ́sẹ̀ tó kọjá, ohùn mi mọ́ kedere. Báwo ló ṣe wá jẹ́?

Onísáúǹdì Adátán

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé máíkì ara fóònù ni áàpù yín lò. Púpọ̀ nínú àwọn áàpù ìgbohùn lórí Android ni kì í fọwọ́ kan máíkì bùlútùùtù àyàfi tí èèyàn bá lọ yàn án. Ẹ tẹ ìgbohùn, ẹ fi èékánná ha ara íápíìsì létí yín, kí ẹ sì ha ìdí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀. Ẹ wá gbọ́ ọ padà. Ibi tí ariwo ìha náà ti pọ̀ jù, máíkì tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ẹni tó bá ní láàptọ́ọ̀pù lè fi ojú rí i. Ẹ ṣí ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ nínú Audacity, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ yan `Spectrogram`. Tí ó bá jẹ́ ọ̀nà ìpè lẹ gbà, àwọ̀ á kún ìsàlẹ̀, á dé 4,000 tàbí 8,000, á dúró gbọnrangandan bí ẹni fi rúlà fà á, òkè á ṣófo. Kò sí ohun tó kàn án bí fáìlì bá ní 44,100 ni òun. Ìyẹn kàn sọ bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ ni, kò lè dá ohun tí wọ́n ti gé padà.

Olóríkì Ìbarà

Mo ti ha á. Ti etí ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń yà mí lẹ́nu: gbogbo ọ̀rọ̀ oríkì náà ni mo ṣì gbọ́ yé, ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ pé pérépéré.

Onísáúǹdì Adátán

Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ inú èdè wa, ìró tó rẹlẹ̀ ló ń gbé wọn, wọn kì í sí lára ohun tí wọ́n ń gé. Òun ló ń tan àwa Yorùbá jẹ tí a fi ń rò pé kò sóhun tó ṣe ohùn náà. Ẹ gbìyànjú èyí: ẹ sọ *sá*, ẹ sọ *fá*, ẹ sọ *ṣá*, lọ́kọ̀ọ̀kan, láìsí ọ̀rọ̀ míì tó yí wọn ká, kí ẹ fún ẹlòmíì gbọ́ láìjẹ́ kó mọ bí ẹ ṣe tò wọ́n. Lórí ọ̀nà tó tóóró jù, *sá* àti *fá* á dàrú mọ́ra, torí òkè ni ìró *s* ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀. *Ṣá* á ṣì hàn, nítorí tirẹ̀ kò ga tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí máíkì wà náà tún wà níbẹ̀ o. Ẹ̀bá etí ló wà, ohùn sì ń jáde síwájú ẹnu. Kódà bí ọ̀nà bá gbòòrò, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ti ń gbọ́ yín.

Baba Onígángan, Aké

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ LDAC, ìlù ni mo mọ̀. Ọmọ ọmọ mi gbé ohun tí ò ní wáyà yẹn sí mi létí kí n lu gángan sí orin kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀. Mo lù ú, mo bá a dé dáadáa. Nígbà tí ó dán an wò fún mi, gángan wà lẹ́yìn gbogbo ìlù tó kù. Ẹnu yà mí, nítorí ọwọ́ mi kì í pẹ́. Ọmọ náà ní kí n máa lù ú ṣáájú díẹ̀. Mo ní rárá. Ẹni tó bá ń lu ìlù ṣáájú ohun tó ń gbọ́, kì í ṣe ìlù ló ń lù mọ́, ó ń ṣírò.

Onísáúǹdì Adátán

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ yín kò pẹ́ o. Àlébù kejì tí mo ní mò ń bọ̀ wá sọ nìyẹn.

Kí orin tó dé etí lórí bùlútùùtù, fóònù gbọ́dọ̀ fún un pọ̀, kó dì í, kó jù ú sáfẹ́fẹ́, íápíìsì á tú u, á sì kó díẹ̀ pa mọ́ kó má baà máa já lójijì. Gbogbo rẹ̀ ń jẹ àkókò. Ní ọ̀pọ̀ íápíìsì, àárín mílísẹ́kọ́ǹdì 150 sí 300 ló ń bọ́ sí, ẹgbẹ̀rún mílísẹ́kọ́ǹdì ló sì wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ ká mú 200. Ohùn ń rìn bíi mítà 343 nínú afẹ́fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà 200 yẹn dọ́gba pẹ̀lú kí onílù dúró ní nǹkan bí mítà 68 sí akọrin. Kò sí ẹgbẹ́ tó ń ṣeré báyẹn.

Àǹtí Olóríkì, eré bíìtì yín ń kọ́?

Olóríkì Ìbarà

100 ni wọ́n kọ sí i lára.

Onísáúǹdì Adátán

Ó dáa. Lílù 100 láàárín ìṣẹ́jú kan, mílísẹ́kọ́ǹdì 600 ló wà láàárín lílù kan àti èkejì. Fóònù ju lílù kìíní jáde. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́yìn 200. Ẹ kọrin gẹ́lẹ́ lórí ohun tí ẹ gbọ́. Fóònù gba ohùn yín, ó sì gbé e sí ibi tí ó ti rìn dé nínú bíìtì lákòókò yẹn, ìyẹn ni ìdá kan nínú mẹ́ta lílù kan lẹ́yìn ibi tó yẹ. Ó sì jẹ́ bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an. Tó bá jẹ́ pé máíkì ara íápíìsì lẹ lò, àkókò àbọ̀ tún wà lórí rẹ̀.

Ẹ lè wọ̀n ọ́n. Ẹ yan máíkì ara fóònù nínú áàpù. Ẹ fi ohun tó ń dún "kọ́, kọ́, kọ́" sórí ìlà kan, ẹ bọ́ íápíìsì ọ̀kan, ẹ gbé ẹnu rẹ̀ lé máíkì fóònù, kí ẹ gbà á sí ìlà kejì. Ẹ wo ìlà méjèèjì nísàlẹ̀ ara wọn, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú, kí ẹ wo bí kọ́ ti ìsàlẹ̀ ṣe jìnnà sí ti òkè tó. Ẹ ṣe é, ẹ pa bùlútùùtù, ẹ tún un tàn, ẹ tún un ṣe. Kí ẹ wá ṣe é pẹ̀lú íápíìsì oníwáyà.

Ọmọ Alábàtà

Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ bákan náà ló ń pẹ́, kí ló dé tí a ò kàn fa ohùn padà sẹ́yìn ní 200 nínú áàpù? Èmi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí láàptọ́ọ̀pù, ó sì ń bọ́ síbi tó yẹ.

Olóríkì Ìbarà

Mo ti wọ̀n ọ́n. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 230. Mo pa bùlútùùtù, mo tún un tàn, ó di 190. Mo yá íápíìsì oníwáyà àbúrò mi, ó di nǹkan bí 30.

Onísáúǹdì Adátán

Ọmọ Alábàtà, ìdáhùn yín wà nínú ohun tí àǹtí kọ yẹn. 40 ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìsopọ̀ kan àti èkejì. Tí ẹ bá fi òdiwọ̀n àná fa ohùn òní, ẹ lè fi 40 jù ú nù, etí onílù á sì gbọ́ 40. Fífà padà ń tún ohun tí a ti gbà sílẹ̀ ṣe, ó dára fún ẹni tí kò ní ohun míì lọ́wọ́. Àmọ́ kò ran ẹni tó fẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú etí lọ́wọ́. Ẹ dán an wò kí ẹ máa sọ̀rọ̀ kí ohùn yín sì máa dé sí yín létí lẹ́yìn 200. Ahọ́n á máa kọ́, èèyàn á máa fa ọ̀rọ̀ láìmọ̀. Àwọn onímọ̀ ti ń dán èyí wò láti nǹkan bí 1950, àárín 200 yẹn gan-an ló sì ń da ọ̀rọ̀ rú jù. Akọrin tó ń bá ara rẹ̀ jà bẹ́ẹ̀, kò sí bí a ṣe fẹ́ fa ìyẹn padà.

Àti pé 30 tó kù lórí wáyà, kì í ṣe wáyà ló jẹ ẹ́. Fóònù ló jẹ ẹ́ nínú. Bí wáyà ṣe ń gbà á ló ń fi jíṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Windows, ó dájú pé ẹ ti rí i tí íápíìsì kan ń jẹ́ orúkọ méjì, pàápàá lórí Windows 10: ọ̀kan ní `Stereo`, èkejì ní `Hands-Free AG Audio`. Ẹ yan `Stereo` fún gbígbọ́, kí ẹ sì yan máíkì míì fún ìgbohùn, ohùn á dára. Ṣùgbọ́n pípẹ́ á ṣì wà níbẹ̀. Àlébù méjì ni.

Oníṣòwò Pánṣẹ́kẹ́

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń tà á sọ tèmi. Ẹ wo ẹnu íápíìsì oníwáyà kí ẹ tó rà á. Tí òrùka dúdú bá jẹ́ mẹ́ta lára irin rẹ̀, ó ní máíkì. Tí ó bá jẹ́ méjì, kò ní. Ọ̀pọ̀ ń rò pé olórùka mẹ́ta ló dára jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kì í bọ fóònù, fóònù á sábà pa máíkì ara rẹ̀ tì, á máa gba ohùn láti ọ̀dọ̀ èyí tó wà lára wáyà, tó ń ha aṣọ yín láyà. Àwọn akọrin tó ń wá sọ́dọ̀ mi, olórùka méjì ni mo ń fún wọn. Etí á máa gbọ́ bíìtì, fóònù á máa fi máíkì tirẹ̀ gba ohùn.

Fóònù tí kò ní ihò wáyà, ẹ gbé fóònù náà dání wá. Oríṣi àdápítà méjì ló wà fún ihò ṣájà. Ọ̀kan kàn jẹ́ wáyà lásán, èkejì ní ẹ̀rọ kékeré nínú tó ń sọ ohùn fóònù di èyí tí íápíìsì lè gbọ́. Ti wáyà lásán ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù díẹ̀, lórí àwọn yòókù, fóònù ò ní mọ̀ pé ẹ ki nǹkan kan bọ òun. Wọ́n jọra lójú pátápátá. Ẹ má sanwó kí ẹ tó ki í bọ fóònù yín, kí ẹ sì gbọ́ orin nínú rẹ̀.

Onísáúǹdì Adátán

Ọ̀rọ̀ olórùka méjì yẹn dára gan-an. Àǹtí, ẹ gbé fóònù náà sórí nǹkan, ìdí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín, kó jìnnà díẹ̀ sí ẹnu, kó yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí afẹ́fẹ́ *b* àti *gb* má baà máa lù ú. Kí àbúrò yín sún sẹ́yìn díẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó lágbára ju ohùn lọ. Ẹ má tan bíìtì sókè jù létí, torí ó lè tú jáde wọ máíkì. Hẹ́ẹ̀dìfóònù tó bo etí pátápátá sàn jù níbẹ̀.

Tí owó bá wà lọ́jọ́ iwájú, ẹ ra íńtáfééèsì kékeré tí a ń so mọ́ fóònù tàbí láàptọ́ọ̀pù, tó ní bọ́tìnì `Direct Monitor`. Ohùn á ti máíkì bọ́ sí etí yín tààrà láìkọ́kọ́ wọ inú kọ̀ǹpútà, ẹ ò ní mọ̀ pé ó pẹ́ rárá.

Baba Onígángan, Aké

Ṣé wáyà nìkan ló kù ni? Mo ti rí àwọn ẹgbẹ́ ńlá tí wọ́n ń ṣeré lóde àríyá, ohun tó wà létí wọn kò so mọ́ ibì kankan.

Onísáúǹdì Adátán

Bàbá, ó so mọ́ nǹkan o. Ẹ wo ẹ̀yìn wọn: wáyà ń ti etí wọ inú àpótí kékeré kan ní ìbàdí. Àpótí yẹn ló ń gba rédíò, kì í ṣe bùlútùùtù. Kò ń fún ohùn pọ̀ bíi ti bùlútùùtù, ẹ lè kà á sí pé kò pẹ́ rárá. Owó rẹ̀ ló pọ̀.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Ọbáńtokò

Bùlútùùtù tuntun tí wọ́n kọ 5.3 sí lára ń kọ́? Mo gbọ́ pé ó ti yanjú èyí.

Onísáúǹdì Adátán

Nọ́ńbà yẹn nìkan kò tó. Ohun tí ẹ ń wá ni LE Audio, tí wọ́n kéde ní 2020. Ó lè gbé ohùn tó dára lọ kó sì gbé e bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àkókò tó ń jẹ náà sì kéré sí ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n fóònù gbọ́dọ̀ ní in, íápíìsì gbọ́dọ̀ ní in, 5.3 sì wà lára ọ̀pọ̀ tí kò ní in. Fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí ètò, ó lè tó. Fún gángan, mi ò tíì rí èyí tí màá fi lé onílù létí.

Ọmọ Alábàtà

Máíkì kékeré tí a ń há mọ́ ọrùn aṣọ ń kọ́, èyí tí wọ́n ń ki ọmọ rẹ̀ tó ń gba ohùn bọ ihò ṣájà fóònù? Òun náà ò ní wáyà.

Oníṣòwò Pánṣẹ́kẹ́

Ìyẹn kì í lo bùlútùùtù ìpè, ó ní ọ̀nà tirẹ̀ láàárín òun àti ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì kún dáadáa. Àwọn oníwàásù àti àwọn tó ń ṣe fídíò ń rà á gan-an.

Onísáúǹdì Adátán

Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, mo gbà. Fún orin, ó ní ohun méjì tí mo fẹ́ mọ̀ ṣáájú. Púpọ̀ nínú wọn náà ní ẹ̀rọ tó ń pa ariwo, ẹ wá bọ́tìnì rẹ̀ kí ẹ pa á kí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì, tí ẹ bá ki ọmọ rẹ̀ bọ ihò kan ṣoṣo tó wà lára fóònù, ibo lẹ máa ki íápíìsì oníwáyà sí? Àwọn kan ní ihò íápíìsì lára ọmọ náà, àwọn kan ò ní, ẹ ó sì tún padà sórí bùlútùùtù láti gbọ́ bíìtì.

Oníṣòwò Pánṣẹ́kẹ́

Èyí tó ní ihò wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì wọn bó ṣe ń pẹ́ tó.

Olóríkì Ìbarà

Ẹ bá mi fi ọ̀kan pa mọ́, pẹ̀lú olórùka méjì kan. Màá gbé fóònù mi wá lọ́jọ́ Sátidé, ká fi "kọ́, kọ́, kọ́" wọ̀n ọ́n níbẹ̀, màá sì kọ iye tó bá jáde síbí.